Nígbà tí oyún bá ń wálẹ̀ léraléra: ohun tí mo rí ní kíníìkì

Ìwé àyẹ̀wò kan ni ọkọ náà kọ́kọ́ yọ nínú àpò, kí ó tó jókòó pàápàá. Wọ́n ti ṣí i, wọ́n ti pa á dé títí ojú ibi tí wọ́n ká a sí ti fẹ́ ya. Àyẹ̀wò sífílísì ni, irú èyí tí wọ́n ń ṣe fún gbogbo aláboyún tó bá lọ forúkọ sílẹ̀, ìwé náà sì sọ pé àmì àìsàn náà wà nínú ẹ̀jẹ̀ ìyàwó. Ó ní, "Ìyá nọ́ọ̀sì, ẹ bá mi bi í léèrè ibi tó ti kó o. Èmi náà ṣe tèmi, wọn ò rí nǹkan kan lára mi." Ìyàwó kò fọhùn. Oyún mẹ́ta ló ti wálẹ̀ lára rẹ̀, èyí tó gbẹ̀yìn sì ti lé ní oṣù mẹ́ta.

Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni mí ní Ìbàdàn. Ó ti pẹ́ tí mo ti wà ní kíníìkì tí a yà sọ́tọ̀ fún àwọn tí oyún kì í dúró fún. Ọ̀rọ̀ tọkọtaya yìí ni mo fẹ́ sọ, nítorí pé ìwé tó ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn gan-an ló tọ́ka wa sí ohun tó ń pa ọmọ wọn. Mo ti gba àyè lọ́wọ́ wọn, mo sì ti yí ohun tí ẹnikẹ́ni lè fi dá wọn mọ̀ padà.

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ ẹni tí à ń ṣe irú àyẹ̀wò yìí fún. Bí a bá kó 100 oyún tí ìyá ti mọ̀ pé òun ní, nǹkan bíi 15 nínú wọn ni yóò wálẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì máa ń ṣẹlẹ̀ kí oyún tó pé oṣù mẹ́ta. Nǹkan bí ìdajì àwọn tó ń tètè wálẹ̀ yìí ló jẹ́ pé kirómósómù ọmọ náà, ìyẹn àwọn fọ́nrán inú ara tó ń gbé àbùdá òbí dé ara ọmọ, ni kò pé iye tàbí tó lé. Àṣìṣe tó wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tí ẹyin àti àtọ̀ ti pàdé ni. Kò sí ohun tí ìyá jẹ, kò sì sí ẹrù tó gbé tó fà á. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi í wá ìdí kiri bí oyún kan bá wálẹ̀. Àmọ́ àwọn tí mẹ́ta ti wálẹ̀ mọ́ lọ́wọ́ kò pọ̀, bí ẹyọ kan nínú 100 tọkọtaya ni. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà agbẹ̀bí ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń ka mẹ́ta kí wọ́n tó pè é ní léraléra, ti Yúróòpù àti ti Amẹ́ríkà ti ń ka méjì. Níbi tiwa, bí ọjọ́ orí obìnrin bá ti ń lọ sókè, tàbí tí oyún kan ṣoṣo bá kọjá ọ̀sẹ̀ 10 tí ọmọ tó pé pérépéré sì kú sínú láìnídìí, a kì í dúró de ẹ̀kẹta.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn, mi ò dá ọkọ lóhùn lórí sífílísì. Mo ní kí ó jọ̀wọ́ fún mi ní ìwé náà, mo sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìtàn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ gbọ́, ìtàn oyún kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, láti ẹnu àwọn méjèèjì. Ọ̀sẹ̀ mélòó ni? Ṣé wọ́n ti rí ọkàn ọmọ tó ń lù nínú síkáànù kí ó tó bàjẹ́? Ẹ̀jẹ̀ ló kọ́kọ́ dé ni, àbí inú rírun, àbí omi ló kàn tú? Ṣé wọ́n fọ ilé-ọmọ lẹ́yìn rẹ̀, báwo sì ni nǹkan oṣù ṣe rí láti ìgbà náà?

Àwọn ìbéèrè yẹn ló ń sọ ibi tó yẹ ká wò. Obìnrin kan wá tí oyún rẹ̀ máa ń dé oṣù márùn-ún, kò ní rí ẹ̀jẹ̀, inú kò ní run ún, àfi kí omi tú kí ọmọ sì jáde láàyè. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, ọrùn ilé-ọmọ rẹ̀ ni kò lágbára tó láti ti ọmọ mọ́lé, òun sì ni wọ́n ń fi okùn rán an fún nígbà tí oyún bá wà láàárín ọ̀sẹ̀ 12 sí 14. Ẹlòmíràn, wọ́n ti fọ ilé-ọmọ fún un nígbà kan rí, láti ìgbà náà nǹkan oṣù rẹ̀ kò ju kí ó kán tótó lọ. Tirẹ̀, a ó máa fura pé ògiri ilé-ọmọ ti lẹ̀ mọ́ ara wọn. Bí a bá kó gbogbo wọn lọ sí ibi àyẹ̀wò kan náà láìgbọ́ ìtàn, owó ni wọn yóò ná dànù.

Ti tọkọtaya yìí rí báyìí. Oyún àkọ́kọ́ wálẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 7. Èkejì dé ọ̀sẹ̀ 9, wọ́n sì ti rí ọkàn rẹ̀ tó ń lù kí ó tó dáwọ́ dúró. Ẹ̀kẹta ló ya ni lẹ́nu: wọ́n lọ ṣe síkáànù ní ọ̀sẹ̀ 13, kò sí ẹ̀jẹ̀, kò sí inú rírun, ọmọ náà pé ní gbogbo ẹ̀yà ara tí síkáànù lè fi hàn, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò lù mọ́. Ọmọ tó ti kọjá ibi tí kirómósómù ti máa ń pa oyún jù, tó sì wá dákẹ́ lójijì báyìí, ó ń jẹ́ ká ronú sí ọ̀nà tí oúnjẹ àti afẹ́fẹ́ ń gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ìyẹn ibi ọmọ.

Nígbà náà ni mo padà sórí ìwé sífílísì. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n ṣe àyẹ̀wò kejì tó ń fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Wọn ò ṣe é. Ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń bọ̀ kàn fún ìyàwó ní abẹ́rẹ́ pẹnisílìnì ni, wọ́n sì sọ fún ọkọ pé kí òun náà gbà á, ó kọ̀.

Àyẹ̀wò tó wà lórí ìwé yẹn, Fii-Dii-Aa-Ẹẹli ni wọ́n ń pè é. Kì í wá kòkòrò sífílísì fúnra rẹ̀. Ọ̀rá kan báyìí tí wọ́n máa ń yọ láti inú ọkàn màlúù ni wọ́n ń lò, orúkọ rẹ̀ ni kadiolípìnnì. Ẹni tó bá ní sífílísì, ara rẹ̀ yóò ti pèsè àwọn èròjà tó ń bá irú ọ̀rá bẹ́ẹ̀ jà, àwọn èròjà yẹn ni àyẹ̀wò náà ń rí. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí wọn kò ní sífílísì rárá, tí ara wọn kàn ṣì ọ̀nà, tó ń pèsè èròjà tó ń gbógun ti irú ọ̀rá yìí nínú ara wọn fúnra wọn. Bíi sójà tí wọ́n gbé sẹ́nu ibodè tó wá yíbọn sí àwọn ará ilé ni. Àyẹ̀wò Fii-Dii-Aa-Ẹẹli kò mọ ìyàtọ̀ láàárín àwọn méjèèjì. Ohun tó ń yà wọ́n ni àyẹ̀wò kejì, Tii-Pii-Ẹẹṣi-Ee, tó ń wá èròjà tí ara ń pèsè lòdì sí kòkòrò sífílísì gan-an. A ṣe é fún ìyàwó. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Kò ní sífílísì, kò sì ní in rí.

Mo pe àwọn méjèèjì jókòó kí n tó sọ ọ́. Òfin tí mo ń tẹ̀ lé nìyẹn, mi ò kí ń fi èsì irú èyí rán ẹnì kan sí ẹnì kejì, mi ò sì kí ń sọ ọ́ lórí fóònù. Bí mo bá sọ ọ́ fún ìyàwó nìkan, yóò délé, yóò ní "nọ́ọ̀sì ní mi ò ní in," ọkọ yóò sì rò pé ó ń gbèjà ara rẹ̀ ni. Nígbà tí ọkọ gbọ́ ọ láti ẹnu mi, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá yíjú sí ìyàwó rẹ̀, ó ní, "Má bínú. Mo ti sọ ohun tí kò yẹ." Ìyàwó sunkún gan-an lọ́jọ́ náà. A fi wọ́n sílẹ̀ nínú yàrá náà fúngbà díẹ̀ kí a tó máa bá iṣẹ́ lọ. Tọkọtaya tó bá ń fura síra wọn kò ní lè parí àyẹ̀wò tó ń gba oṣù mélòó kan.

Àìsàn tí a wá ń wá, èyí tí ara ti ń gbógun ti ọ̀rá tirẹ̀ bẹ́ẹ̀, antifọsifolípíìdì ni wọ́n ń pè é. Nínú 100 obìnrin tí oyún ń wálẹ̀ lára wọn léraléra, nǹkan bíi 15 ló ní àwọn èròjà rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Nínú gbogbo ohun tó ń fa ìṣòro yìí, òun ni mo máa ń fẹ́ kí a tètè wò, nítorí pé ó ní ìtọ́jú tí ẹ̀rí wà fún. Àwọn èròjà náà máa ń dí ibi ọmọ lọ́wọ́ kó má lè ta gbòǹgbò dáadáa sára ilé-ọmọ, wọ́n sì tún máa ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì níbi tí kò yẹ kó dì. Oríṣi mẹ́ta ni à ń wá: èyí tí wọ́n ń pè ní lúpọ́ọ̀sì antikoágúlántì, èyí tó ń bá kadiolípìnnì jà, àti èyí tó ń bá èròjà kan tó ń jẹ́ bítà-tuu jà. Bí ẹyọ kan ṣoṣo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá wà níbẹ̀, tó sì dúró, ó tó.

Ọ̀rọ̀ "tó sì dúró" yẹn ló le jù. Ibà, àkóràn, àní òtútù lásán, lè mú kí àwọn èròjà yìí jáde fúngbà díẹ̀ kí wọ́n sì pòórá. Nítorí náà, àyẹ̀wò ẹ̀ẹ̀kan kò tó láti sọ pé ẹnì kan ní àìsàn náà. Lẹ́ẹ̀mejì ni à ń ṣe é, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ 12 gbọ́dọ̀ wà láàárín àkọ́kọ́ àti èkejì. A kì í sì gba ti àkọ́kọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tí oyún bá wálẹ̀. A máa ń jẹ́ kí ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí ara ti padà sípò.

Bí a ṣe ń gba ẹ̀jẹ̀ náà ṣe pàtàkì, ibẹ̀ ni nǹkan ti ń bàjẹ́ jù níbi tiwa. Ti lúpọ́ọ̀sì, inú ìgò tín-ín-rín olómórí búlúù ni à ń gbà á sí, oògùn tí kò ní jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì sì ti wà nínú rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ kún dé ojú ìlà tí wọ́n fà sára ìgò náà. Bí kò bá dé ìlà, oògùn inú rẹ̀ yóò pọ̀ ju ẹ̀jẹ̀ lọ, èsì yóò sì ṣìnà. Kí wákàtí mẹ́rin tó kọjá, ó yẹ kí ilé àyẹ̀wò ti fi ẹ̀rọ yí i lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n lè yọ omi ẹ̀jẹ̀ tó mọ́ kedere sọ́tọ̀. Tí iná bá lọ, tí jẹnẹrétọ̀ kò sì ṣiṣẹ́, a kì í gba ẹ̀jẹ̀ náà lọ́jọ́ yẹn rárá, à ń bẹ aláìsàn kí ó padà wá. Obìnrin tó bá sì ti ń gba abẹ́rẹ́ hẹpárìnì, èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, tẹ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ fún wa, nítorí abẹ́rẹ́ náà lè da èsì lúpọ́ọ̀sì rú.

Àwọn ènìyàn máa ń béèrè ohun kan nígbà tí èsì bá jáde. Lórí ìwé, yóò hàn pé ẹ̀jẹ̀ obìnrin náà pẹ́ kí ó tó dì nínú ìgò. Wọ́n á ní, ṣé kì í ṣe pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fúyẹ́ jù nìyẹn, kí ló dé tí ẹ tún fẹ́ fún un ní oògùn tí kò ní jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì? Ìdí ni pé àwọn èròjà náà máa ń gba ọ̀rá tí àyẹ̀wò ń lò mọ́ ọn lọ́wọ́ nínú ìgò, nítorí náà dídì á falẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ara, níbi tí iṣan ẹ̀jẹ̀ wà, dídì ni wọ́n ń fà. Mo ti rí ilé ìwòsàn tó fi ojú ìgò nìkan wò ó, tó sì sọ fún obìnrin pé kò gbọ́dọ̀ fẹnu kan asipirínì láéláé.

Èsì àkọ́kọ́ ìyàwó yìí dé: lúpọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, èyí tó ń bá kadiolípìnnì jà sì jẹ́ 58. Ohun tó bá ti ju 40 lọ ni à ń kà sí. Ó wá ku ọ̀sẹ̀ 12.

Àkókò ìdúró yẹn ni ó ń fọ́ tọkọtaya. Ìyá ọkọ ti ń pè láti Ògbómọ̀ṣọ́ pé kí wọ́n fi dókítà sílẹ̀, pé ọmọ kan náà ló ń lọ tó ń bọ̀, kí wọ́n wá kí wọ́n ṣe ohun tí àwọn àgbà ń ṣe fún àbíkú. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ní kí ìyàwó wá gbààwẹ̀. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìgbàgbọ́ rẹ̀. Ohun tí mo sọ fún wọn ni pé kí wọ́n gbàdúrà bí wọ́n ṣe fẹ́, ṣùgbọ́n àgbo tí wọn kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ wọ ẹnu ìyàwó, pàápàá nígbà tí oògùn bá ti bẹ̀rẹ̀, nítorí òmíràn nínú wọn ń mú kí ẹ̀jẹ̀ máa ṣàn. Mo tún bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n máa lo kọ́ńdọ̀mù títí àyẹ̀wò kejì yóò fi parí. Bí oyún bá dé láàárín méjì, dókítà kò ní fi wọ́n sílẹ̀, yóò fi èsì kan tó wà lọ́wọ́ ṣe ìpinnu. Àmọ́ ó sàn kí a mọ̀ dájú, torí abẹ́rẹ́ ojoojúmọ́ fún odindi oyún kì í ṣe ohun tí à ń fún ènìyàn nítorí ìfura.

A fún wọn ní ọjọ́ tí a kọ sílẹ̀, a sì fún wọn ní nọ́ḿbà fóònù kíníìkì tí nọ́ọ̀sì kan náà ń gbé. A kì í jẹ́ kí wọ́n jókòó sáàárín àwọn aláboyún. Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ àwọn tí oyún ń wálẹ̀ lára wọn, kò sí aláboyún tó ń wá lọ́jọ́ náà. Ohun kékeré ni, ṣùgbọ́n kí a tó ṣe é, àwọn obìnrin kan máa ń dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n á rí ikùn àwọn ẹlòmíràn, wọ́n á sì padà sílé.

Láàárín ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn ni a ṣe ìyókù. Síkáànù ilé-ọmọ ni, láti wò ó bóyá ògiri kan là á sí méjì láti ìgbà ìbí, bóyá fáíbírọ́ìdì sì wà nínú ihò ilé-ọmọ. Mo ń sọ "nínú ihò" nítorí pé púpọ̀ obìnrin wa ló ní fáíbírọ́ìdì ní ara ògiri tàbí ní ẹ̀yìn òde, kì í sì í ṣe òun ló ń lé oyún wọn. Àwọn kan ti ṣe iṣẹ́ abẹ lórí irú èyí tí kò fà á, ojú iṣẹ́ abẹ náà wá di ìṣòro tuntun. A wo ẹṣẹ́ ọrùn, èyí tó máa ń wú di gẹ̀gẹ̀, bóyá ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, a sì wo bí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ṣe rí láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Gbogbo rẹ̀ dára.

Ọkọ bi mí pé, "Kí ni ẹ fẹ́ ṣe lára tèmi?" Inú mi dùn sí ìbéèrè náà. Àyẹ̀wò kirómósómù bàbá àti ìyá wà, nítorí pé nínú nǹkan bí 2 sí 5 nínú 100 tọkọtaya irú èyí, ọ̀kan nínú wọn lè ní kirómósómù méjì tó pààrọ̀ apá kan láàárín ara wọn. Kò ní ṣe ẹni náà ní nǹkan kan, ọmọ ni kò ní bá a dọ́gba. Ṣùgbọ́n ó wọ́n, nítorí náà a máa ń fẹ́ kọ́kọ́ yẹ ẹran ara oyún tó wálẹ̀ wò bí àǹfààní bá wà. Níwọ̀n bí a ti rí ohun tí a rí lára ìyàwó, dókítà ní kí wọ́n fi owó náà pamọ́. Ohun tí a ní kí ọkọ ṣe ni kí ó jáwọ́ nínú sìgá. Ó jáwọ́.

Àwọn àyẹ̀wò kan wà tí wọ́n ti ṣe káàkiri kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa, owó ńlá sì ni. Wọ́n ti tọ́jú "sítáfù" fún ìyàwó léraléra, oògùn lóríṣiríṣi. Sítáfù tí wọ́n ń polówó lórí rédíò, kòkòrò tó ń gbé lára ọ̀pọ̀ ènìyàn láìṣe wọ́n ní nǹkan ni. Kò sí ẹ̀rí pé òun ló ń mú oyún wálẹ̀ léraléra. Wọ́n tún ti sọ fún un pé jínótáìpù rẹ̀ tó jẹ́ Ee-Ẹẹsi ló fà á, èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ jínótáìpù ṣe pàtàkì fún ọmọ tí wọn yóò bí, kì í ṣe òun ló ń ba oyún jẹ́ fún obìnrin tó jẹ́ Ee-Ẹẹsi.

Àyẹ̀wò kejì dé. Lúpọ́ọ̀sì ṣì wà, kadiolípìnnì jẹ́ 52. Ó ti dájú.

Ìtọ́jú rẹ̀ kò ṣòro láti ṣàlàyé. Asipirínì kékeré, mílígíráàmù 75 lójoojúmọ́, kí oyún tó dé pàápàá. Nígbà tí àyẹ̀wò ìtọ̀ bá ti fi hàn pé oyún dé, a ó fi abẹ́rẹ́ hẹpárìnì kún un. Ilé ìwòsàn Sẹ́ńtì Mẹ́rì ní Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti ṣe ìwádìí tó là wá lójú lórí rẹ̀, ní ọdún 1997, pẹ̀lú obìnrin 90 tó ní àìsàn yìí. Nínú àwọn tí wọ́n fún ní asipirínì nìkan, 42 nínú 100 ló bímọ láàyè. Nínú àwọn tí wọ́n fi hẹpárìnì kún un fún, 71 nínú 100 ni. Mo sọ èyí fún wọn bó ṣe rí, títí kan àwọn tí kò bí nínú àwọn tó gba méjèèjì, nítorí mi ò fẹ́ kí wọ́n rò pé abẹ́rẹ́ náà jẹ́ ìlérí.

Oyún dé lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Mo kọ́ àwọn méjèèjì bí wọ́n ṣe ń gún abẹ́rẹ́ mílígíráàmù 40 náà. Awọ ikùn ni a ń fi ìka méjì fún pọ̀, jìnnà díẹ̀ sí ìdodo, ẹ óò wá ti abẹ́rẹ́ náà wọlé ní òró gangan. Ẹ má lé afẹ́fẹ́ kékeré tó wà nínú rẹ̀ jáde, òun ló ń ti oògùn tó kẹ́yìn wọlé. Ẹ má fi ọwọ́ ra ojú ibẹ̀ lẹ́yìn náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò dúdú. Ẹ gún apá òsì ikùn lónìí, apá ọ̀tún rẹ̀ lọ́la. Ìyàwó kò lè gún ara rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ọkọ ló gbà á ṣe, ní aago mẹ́jọ alẹ́ lójoojúmọ́, kódà tí ó bá ní láti rìnrìn àjò, ó máa ń padà wálé lọ́jọ́ náà. Ìyàwó sọ fún mi nígbà kan pé, "Ìyá nọ́ọ̀sì, láti ìgbà tí wọ́n ti ń gún mi ní abẹ́rẹ́ yìí, mo mọ̀ pé àwọn náà ń lóyún."

Síkáànù àkọ́kọ́ wà ní ọ̀sẹ̀ 7, lẹ́yìn náà lọ́sẹ̀ méjì-méjì títí a fi kọjá ọ̀sẹ̀ 13. Kò sí oògùn nínú síkáànù, àmọ́ obìnrin tó ti rí ọmọ tó dákẹ́ rí, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin pọ̀ jù fún un láti dúró. Ní ọ̀sẹ̀ 13 gan-an, kò wọlé títí mo fi jáde lọ mú un wá. Ọkàn ọmọ ń lù.

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé gbogbo àwọn tó ń wá ló máa ń rí ìdí báyìí. Nǹkan bí ìdajì wọn, a ó ṣe gbogbo àyẹ̀wò, a kò ní rí nǹkan kan. Èyí ni ó ṣòro jù fún mi láti sọ. Àwọn kan ti ń bẹ̀ mí pé kí a ṣáà fún wọn ní hẹpárìnì, nítorí pé ó ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíràn. A kì í fún wọn, nítorí kò ràn wọ́n lọ́wọ́, ó sì ní ewu tirẹ̀. Ohun tí mo lè sọ fún wọn pẹ̀lú ìdánilójú ni pé ó ju ìdajì irú wọn lọ tó ń bí ọmọ láàyè nígbà tí wọ́n bá tún lóyún, láìsí oògùn kankan, bí ọjọ́ orí ìyá kò bá tíì lọ jù. Bí ẹ̀jẹ̀ bá sì yọ nínú oyún tuntun náà, tí ìyá sì ti pàdánù oyún rí, wọ́n lè fún un ní họ́mọ̀nù tí wọ́n ń pè ní purojẹ́sítírónì, èyí tí wọ́n ń fi sí ojú ara, mílígíráàmù 400 láàárọ̀ àti lálẹ́, títí di ọ̀sẹ̀ 16 bí ọkàn ọmọ bá ń lù. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó jáde ní 2019, ló jẹ́ kí a mọ̀ pé àwọn tó ń ṣẹ̀jẹ̀ tí wọ́n sì ti pàdánù rí ni ó ń ṣe láǹfààní. Abẹ́rẹ́ họ́mọ̀nù ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ tí àwọn kan ń fún gbogbo aláboyún kò wọ inú èyí.

Ti tọkọtaya wa, ewu kò tán ní ọ̀sẹ̀ 13. Àìsàn yìí tún lè mú kí ẹ̀jẹ̀ ríru dé, kí ọmọ má sì dàgbà tó bó ṣe yẹ. Nítorí náà, ní gbogbo ìgbà tó bá wá, à ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, à ń yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò, síkáànù ìdàgbàsókè ọmọ sì ń wáyé lóṣooṣù láti ọ̀sẹ̀ 28. Ní ọ̀sẹ̀ 36, ẹ̀jẹ̀ ríru bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè díẹ̀. Dókítà pinnu láti mú kí ó rọbí ní ọ̀sẹ̀ 38. Abẹ́rẹ́ kò wáyé ní alẹ́ tó ṣáájú, nítorí pé ó kéré tán wákàtí 12 gbọ́dọ̀ ti kọjá lẹ́yìn hẹpárìnì kí wọ́n tó lè gún ènìyàn ní abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn bí iṣẹ́ abẹ bá di dandan. Kò di dandan. Ó bí ọmọbìnrin ní ìrọ̀lẹ́, kílógíráàmù 2.7.

Ọkọ ti ń kó ìyókù abẹ́rẹ́ jọ láti dá a padà fún ilé oògùn nígbà tí mo dá a dúró. Lẹ́yìn ìbímọ ni ẹ̀jẹ̀ dídì ní ẹsẹ̀ àti ẹ̀dọ̀fóró ń halẹ̀ jù fún irú obìnrin yìí, nítorí náà dókítà ní kí abẹ́rẹ́ náà máa bá a lọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí i. Kò dí ọmú lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ọ̀rọ̀ ìfètòsọ́mọbíbí ni a sọ: oògùn oníkóró tó ní họ́mọ̀nù ẹ́sítírójìnnì nínú kò dára fún un rárá, a sì fi lúùpù tí wọ́n fi bàbà ṣe sí i nínú ilé-ọmọ. Mo kọ orúkọ àìsàn náà sínú káàdì kan fún un, pé kí ó máa fi hàn ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, àti pé bí ó bá fẹ́ lóyún mìíràn, kí asipirínì ti bẹ̀rẹ̀ kí a tó yọ lúùpù náà.